Ìpè Ìrun ní Etí Ọmọ Tuntun àti Àdúà Ọjọ́ Súnà: Bí A Ṣe Ń Ṣe É àti Ibi Tí Ahọ́n Ti Máa Ń Yẹ̀

Bí a bá ń ṣàdúà fún ọmọ ní èdè Yorùbá, "Ọlọ́hun á dá a sí, á sì wò ó dàgbà" tó fún ọkùnrin, ó sì tó fún obìnrin, nítorí pé èdè wa kò bìkítà bóyá akọ ni ẹni tí à ń sọ tàbí abo. Èdè Lárúbáwá kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní gbólóhùn tí a ń sọ sí ọmọkùnrin, ó ní ti ọmọbìnrin, ó sì ní ti ìbejì, bẹ́ẹ̀ ni ìyàtọ̀ wọn kò ju ìró kan ní ìparí ọ̀rọ̀ lọ. Nítorí náà ni a fi máa ń bá bàbá ọmọ pàdé níbi súnà ní Ìlọrin, tí ó ti há àdúà sórí láti ilé-kéwú, tí ohùn rẹ̀ dùn, tí ó sì ń fi ọ̀rọ̀ ọkùnrin ṣàdúà fún ọmọbìnrin láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún bàbá, bàbá àgbà tàbí ẹ̀gbọ́n tí ó fẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́ méjèèjì yìí, èyíinì ni ìpè ìrun ní etí ọmọ ní ọjọ́ tí a bí i, àti àdúà orúkọ ní ọjọ́ súnà.

Ìpè ìrun ní etí

Ohun tí a gbé iṣẹ́ yìí lé ni ọ̀rọ̀ sàábé kan, Abú Ráfíì, tí ó sọ pé òun rí Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, tí ó pe ìrun sí etí Àlàsán ọmọ Alí nígbà tí Fátímà bí i. Abú Dáwúdà àti Tírímísì ni wọ́n gbà á sínú àkójọ hàdíìsì wọn. Tírímísì kà á sí èyí tí ó dára, àwọn onímọ̀ mìíràn sì sọ pé ọ̀kan nínú àwọn tí ó gbà á wá kò lágbára tó. "Etí" nìkan ni ọ̀rọ̀ Abú Ráfíì sọ, kò sọ ọ̀tún tàbí òsì. Ìròyìn tí ó ní kí a pe ìrun sí etí ọ̀tún kí a sì pe ìkámà sí etí òsì rọ jù ú lọ púpọ̀. Àwa tí a ń tẹ̀lé ojú ọ̀nà Ìmáàmù Máálíkì ní Ìlọrin sì yẹ kí a mọ̀ pé àwọn tí ó gba ọ̀rọ̀ Máálíkì wá sọ pé òun fúnra rẹ̀ kò fẹ́ràn iṣẹ́ yìí, àmọ́ tí àwọn onímọ̀ ọ̀nà rẹ̀ tí ó dé lẹ́yìn rí i pé àwọn ènìyàn ti ń ṣe é, wọ́n sì ní kò sí aburú níbẹ̀. Mo sọ gbogbo èyí kí ó lè hàn pé iṣẹ́ rere tí kì í ṣe ọ̀ranyàn ni. Ẹni tí nọ́ọ̀sì kò gbà láyè ní ilé ìgbẹ̀bí kò jẹ gbèsè kankan, kò sì sí ìdí fún un láti bá ẹnikẹ́ni jà.

Ẹ má ṣe fi í di ọjọ́ súnà. Ilé pọ̀ ní Ìlọrin tí wọ́n máa ń dúró de Àfáà kí ó wá pe ìrun sí ọmọ létí nígbà tí ọmọ ti pé ọ̀sẹ̀ kan, bí ẹni pé oyè ni a fi ń jẹ ẹ́. Mùsùlùmí tí ó bá mọ ìpè náà lè ṣe é, bàbá ọmọ gan-an ni ó sì tọ́ sí jù. Bí kò bá sí ọkùnrin nítòsí, àwọn onímọ̀ kan gbà pé obìnrin lè pè é, nítorí pé etí ọmọ nìkan ni ohùn rẹ̀ ń lọ, kì í ṣe pé ó ń pe àwọn ènìyàn wá sí mọ́ṣáláṣí.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ nu ọmọ gbẹ, kí wọ́n wé e, kí ó sì mí dáadáa. Bí wọ́n bá gbé e sínú àpótí tí wọ́n fi ń mú ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé móoru, ẹ fi í sílẹ̀ títí wọn yóò fi gbé e jáde. Ìpè ìrun kò ní àkókò tí ó ń kọjá lọ. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ yín. Ó dára kí ẹ ṣe àlùwàlá, ṣùgbọ́n ìpè náà kò bàjẹ́ bí ẹ kò bá ní in. Ẹ kọjú sí Gábàsì, èyí tí ó jẹ́ apá ìlà-oòrùn pẹ̀lú títẹ̀ díẹ̀ sí àríwá ní ìlú wa.

Etí ọ̀tún ni a máa ń pe ìrun sí, bí ìròyìn rẹ̀ tilẹ̀ rọ. Ibi tí ó kàn yìí ni àṣìṣe ti wọ́pọ̀ jù, nítorí náà mo fẹ́ kí ẹ fojú inú wò ó. Bí a ti máa ń gbé ọmọ ni pé a ó gbé orí rẹ̀ sí igbọ̀nwọ́ apá òsì, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò sì nà sí apá ọ̀tún wa. Ẹ wo ibi tí etí ọ̀tún ọmọ wà nígbà náà: ó ti fara ti àyà yín, ó ti wọ inú aṣọ. Etí òsì ni ó dojú kọ ìta tí ó ń dúró de ẹnu yín. Ọwọ́ mi ni èyí ti ṣẹlẹ̀ nígbà tí mo pe ìrun fún àkọ́bí mi. Mo pè é tán pẹ̀lú omijé lójú kí ìyá mi tó rọra bi mí pé, "Alíù, ṣé etí ọ̀tún nìyẹn?" Bí ẹ bá fẹ́ gbé ọmọ lọ́wọ́, apá ọ̀tún ni kí ẹ gbé orí rẹ̀ sí, etí ọ̀tún yóò sì wà níta. Èyí tí ó rọrùn jù ni kí ẹ tẹ́ ọmọ sórí ibùsùn tàbí sórí itan ìyá àgbà, kí ó fi ẹ̀yìn lélẹ̀, kí ẹ wá kúnlẹ̀ sí apá ọ̀tún ọmọ náà. Bí ẹ bá ti pè é sí etí òsì ná, ẹ yí sí òdì kejì kí ẹ tún un pè. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ má ṣe fi ẹnu kan etí ọmọ. Ẹ fi àyè tí ó tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀, kí ohùn yín má sì ju ohùn tí ẹ ó fi bá ẹni tí ó jókòó tì yín sọ̀rọ̀ àṣírí lọ. Ládàánì máa ń fi ìka di etí ara rẹ̀ kí ohùn rẹ̀ lè lọ jìnnà, ṣùgbọ́n ẹ̀yin kò nílò rẹ̀. Ẹ kò sì gbọdọ̀ fi ìka kan etí ọmọ.

Bí ládàánì àdúgbò yín bá ṣe ń pè é ni kí ẹ ṣe pè é. Ní ojú ọ̀nà Máálíkì, ẹ̀ẹ̀mejì ni "Aláàhù Àkùbárù" ìbẹ̀rẹ̀, a sì máa ń sọ gbólóhùn ìjẹ́rìí méjèèjì jẹ́jẹ́ kí a tó padà gbé wọn sókè, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ gbólóhùn 17. Níbi tí wọ́n bá ti ń sọ "Aláàhù Àkùbárù" lẹ́ẹ̀mẹ́rin láìsí àtúnsọ ìjẹ́rìí, ó jẹ́ 15. Èyí tí etí yín ti mọ̀ kò ní jẹ́ kí ẹ ṣì. "Ìrun lóore ju oorun lọ" tí a máa ń fi kún ìpè Àsùbáà kò sí níbí, kódà bí ó bá jẹ́ ìdájí ni a bí ọmọ náà. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà mélòó kan nítorí pé ìpè Àsùbáà ni ó dùn mọ́ wọn jù.

Ìfà ohùn méjì wà tí ó ń ba ìtumọ̀ jẹ́, wọ́n sì wọ́pọ̀ lẹ́nu wa nítorí pé a fẹ́ kí ìpè dùn. Èkíní ni fífa "A" ìbẹ̀rẹ̀ "Aláàhù" gùn. Tí ẹ bá fà á, gbólóhùn náà di ìbéèrè, bí ẹni ń béèrè pé "Ṣé Ọlọ́hun ni?" Èkejì ni fífa ìró tí ó wà lẹ́yìn "b" nínú "Àkùbárù." Bí ó bá di "Àkùbáárù," ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí "ó tóbi jùlọ" ti kúrò níbẹ̀, orúkọ irú ìlù kan ni ó kù. Ẹ ka ọ̀rọ̀ méjèèjì ní kúkúrú. Inú "láà" tí ó wà láàárín "Aláàhù" ni ìfà wà.

Bí ẹ bá parí, ẹ lè yí sí etí òsì kí ẹ pe ìkámà bí ìdílé yín bá ń ṣe é. Bí ẹ kò bá pè é, ẹ kò din nǹkan kan kù.

Ọ̀pọ̀ ìdílé máa ń fi dàbínù tí a ti jẹ di rírọ̀ ra òkè ẹnu ọmọ lẹ́yìn ìpè ìrun, bí Ànábì ti ṣe fún ọmọ Asímáù, ìyẹn Abúdúláì ọmọ Súbáérì. Omi rẹ̀ díẹ̀ ní orí ìka tí ó mọ́ ni kí ó jẹ́, kì í ṣe ègé dàbínù tí ó lè há ọmọ lọ́fun, ẹni tí ara rẹ̀ kò bá sì yá kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́ fún ọmọ. Ẹ má fi oyin rọ́pò rẹ̀. Àwọn dókítà kò gbà kí ọmọ tí kò tíì pé oṣù 12 fi ẹnu kan oyin, nítorí pé kòkòrò àìlèfojúrí kan lè wà nínú rẹ̀ tí yóò fa àìsàn tí ń sọ ẹran ara ọmọ di aláìlágbára.

Kíka ọjọ́

Ọjọ́ keje ni hàdíìsì sọ fún súnà, ọjọ́ kẹjọ ni Yorùbá ń wí, àwọn kan sì rò pé ìjà wà láàárín àwọn méjèèjì. Kò sí ìjà. Yorùbá máa ń ka ọjọ́ ìbí mọ́ ọn. Ojú ọ̀nà Máálíkì kì í kà á bí ọmọ bá wáyé lẹ́yìn tí ilẹ̀ ti là fún Àsùbáà. Nítorí náà, ọmọ tí a bí ní agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, tí àwọn àgbà wa ń pè ní Àtìní, ọjọ́ Àtìní tí ó tẹ̀lé e ni súnà rẹ̀, yálà ẹ pè é ní ọjọ́ keje tàbí ẹ pè é ní ọjọ́ kẹjọ. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni ọmọ tí a bí ní òru kí ìdájí tó là. Bí ó bá wáyé ní agogo mẹ́ta òru tí ilẹ̀ Àtìní fẹ́ mọ́, a ka Àtìní náà mọ́ ọn, ọjọ́ keje rẹ̀ sì bọ́ sí Àláádì, ọjọ́ Àìkú. Ẹ béèrè aago tí a bí ọmọ lọ́wọ́ agbẹ̀bí kí ẹ tó pín ìwé ìpè fún ẹbí. Bí kò bá sí ẹran àkíkà tí ẹ fẹ́ pa, kò sí ohun tí ó ní kí ẹ dúró. Ọjọ́ tí a bí ọmọ gan-an ni ẹ lè sọ ọ́ lórúkọ, bí Ànábì ti sọ ọmọ tirẹ̀ ní Ìbúráhíímù ní ọjọ́ kejì òru tí a bí i.

Àdúà orúkọ

Ní òwúrọ̀ súnà, kí Àfáà tó jókòó sórí ẹní, ẹ kọ orúkọ ọmọ sórí ìwé ní kíkún kí ẹ sì kọ "ọkùnrin" tàbí "obìnrin" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gàdàgbà. Ìwé kékeré yìí ni ó ń gba Àfáà lọ́wọ́ ìtìjú, nítorí pé ojú ọmọ tí a fi aṣọ funfun wé kò lè sọ fún un. Bí orúkọ náà bá jẹ́ "ẹrú Ọlọ́hun" pẹ̀lú ọ̀kan nínú àwọn orúkọ Rẹ̀, ẹ kọ ọ́ tán: Abúdúráámánì, kì í ṣe Ràmọ́nì, Abúdúlásíísì, kì í ṣe Lásísì. Ohun tí a bá gé sọnù nínú irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ni "ẹrú," èyí tí ó sì kù kì í ṣe ti ọmọ ènìyàn.

Àdúà àkọ́kọ́ wá láti inú Àlùkùráánì, Súúrà Àl-Ìmúráánà, ẹsẹ 36, òun sì ni àdúà ìsọmọlórúkọ tí ó ṣe kedere jù tí mo mọ̀. Ìyá Mọ́ríámọ̀ ni ó ṣe é. Ó ti fi oyún inú rẹ̀ ṣe ẹ̀jẹ́ fún iṣẹ́ ilé Ọlọ́hun, ó ń retí ọkùnrin, obìnrin ni ó bí, ó sì wí pé:

Wa inii samaetuhaa Maryama, wa inii uíisuhaa bika wa suriyatahaa minaṣ-ṣaetaanir-rajiim.

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé: Mo ti sọ ọ́ ní Mọ́ríámọ̀, mo sì ń fi òun àti àrọ́mọdọ́mọ rẹ̀ sí abẹ́ ìṣọ́ Rẹ kúrò lọ́wọ́ ṣàítánì ẹni ẹ̀kọ̀. Mo kọ ọ́ ní lẹ́tà Yorùbá kí ojú lè rí ibi tí mo ń tọ́ka sí. Ẹ gba ìró rẹ̀ gangan lẹ́nu ẹni tí ó mọ̀ ọ́n kà.

Ẹ wo "haa" tí ó fara hàn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Obìnrin ni. Bí ọmọ yín bá jẹ́ ọkùnrin, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni yóò di "hu": samaetuhu, uíisuhu, suriyatahu. Bí ó bá jẹ́ ìbejì, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di "humaa." Àṣìṣe tí mo ń gbọ́ jù ni kí wọ́n yí èkíní padà kí wọ́n sì gbàgbé èkẹta. Ìkìlọ̀ kan tún wà níbẹ̀. Bí ẹ bá ti yí i padà, tí ẹ sì ti fi orúkọ ọmọ tiyín rọ́pò Maryama, kì í ṣe ẹsẹ Àlùkùráánì mọ́, àdúà ni. Ẹ má fi "Ọlọ́hun sọ pé" ṣáájú rẹ̀. Ẹ fi "Alaahuma," èyí tí ó túmọ̀ sí "Ìwọ Ọlọ́hun," bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Èkejì ni àdúà ìṣọ́ tí Ànábì máa ń ṣe fún Àlàsán àti Úséénì, tí Abú Dáwúdà àti Tírímísì gbà wá. Ànábì sọ fún wọn pé bàbá wọn, Ànábì Ìbúráhíímù, fi ṣe àdúà fún Ìsìmáílà àti Ìsiáákà. Ọmọ fúnra rẹ̀ ni a ń bá sọ̀rọ̀ nínú èyí, kì í ṣe Ọlọ́hun. Fún ọmọkùnrin kan:

Uíisuka bi kalimaatil-laahit-taama, min kuli ṣaetaanin wa haama, wa min kuli aenin laama.

Mo fi ọ́ sí abẹ́ ìṣọ́ àwọn ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun tí ó pé, kúrò lọ́wọ́ gbogbo ṣàítánì àti kòkòrò olóró, àti kúrò lọ́wọ́ gbogbo ojú burúkú. Ibì kan ṣoṣo ni ó ń yí padà, ìyẹn ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. Fún ọmọbìnrin, ó di "uíisuki." Fún ọmọ méjì, "uíisukumaa," bí Ànábì ti sọ ọ́ gan-an, nítorí pé ọmọ méjì ni ó gbé síwájú. (Àlàsán àti Úséénì kì í ṣe ìbejì o, bí a tilẹ̀ ń fi orúkọ wọn sọ ìbejì níhìn-ín. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni wọ́n.)

Ẹ wo bí ìdẹkùn méjèèjì ṣe dojú kọ ara wọn. Èyí tí ó wá láti inú Àlùkùráánì jẹ́ ti obìnrin láti ìpilẹ̀, ọmọkùnrin ni ẹni tí ó bá há a sórí láìwo iwájú yóò ṣì í fún. Ti àdúà ìṣọ́ ni a máa ń kọ́ ní ti ọkùnrin ní ilé-kéwú, ọmọbìnrin ni a ó sì ṣì í fún.

Ní ilé àbúrò mi ní Pákátà, ìbejì ni wọ́n bí, Táíwò obìnrin, Kẹ́hìndé ọkùnrin. Sákíná àti Súléémánù ni orúkọ tí bàbá wọn mú. Ìwé tí mo bá a kọ sílẹ̀ fún òwúrọ̀ súnà rí báyìí. Ó kọ́kọ́ gbé Sákíná, ó sọ pé "Alaahuma inii samaetuhaa Sakiina, wa inii uíisuhaa bika wa suriyatahaa" títí dé òpin. Ó gbé e fún ìyá rẹ̀, ó gbé Súléémánù, ó sì sọ ọ́ pẹ̀lú "hu" lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tẹ́ àwọn méjèèjì sórí ẹní kan, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún lé orí Táíwò, ó gbé ti òsì lé orí Kẹ́hìndé, ó wá sọ "uíisukumaa" lẹ́ẹ̀kan fún wọn. Lárúbáwá kò ya akọ àti abo sọ́tọ̀ nínú "kumaa," nítorí náà ìbejì ọkùnrin, ìbejì obìnrin àti irú ti àbúrò mi yìí, ọ̀kan náà ni. Bí ẹ̀ta-òkò bá wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ á di "uíisukum," bí gbogbo wọn bá sì jẹ́ obìnrin, "uíisukuna."

Bí ẹbí bá ń kí bàbá ọmọ, ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn onímọ̀ fi ti Àlàsán ará Básírà, ọ̀kan nínú ìran tí ó tẹ̀lé àwọn sàábé. Kì í ṣe hàdíìsì Ànábì, ẹ má sì pè é bẹ́ẹ̀:

Baarakal-laahu laka fil-maohuubi laka, wa ṣakartal-waahiba, wa balaga aṣudahu, wa rusikita birahu.

Kí Ọlọ́hun fi ìbùkún sí ẹ̀bùn tí a fún ọ, kí o dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹni tí ó fún ọ, kí ọmọ dàgbà dé ìgbà agbára rẹ̀, kí o sì jẹ oore rẹ̀. Bí ọmọ bá jẹ́ obìnrin, "balaga aṣudahu" di "balagat aṣudahaa," "birahu" sì di "birahaa." Bí ó bá jẹ́ ìyá ọmọ ni ẹ ń kí, "laka" méjèèjì di "laki," "ṣakarta" di "ṣakarti," "rusikita" di "rusikiti." Ìyá ni ó wà ní oṣù mẹ́sàn-án, ṣùgbọ́n mo ti lọ sí súnà púpọ̀ níbi tí gbogbo ìkíni ti ń lọ sí ọ̀dọ̀ Àlájì lórí àga, tí ẹnikẹ́ni kò rántí "laki" fún obìnrin tí ó jókòó nínú yàrá.

Ẹni tí Lárúbáwá bá ń dà láàmú títí di àárọ̀ súnà, kí ó ṣe àdúà náà ní Yorùbá. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ìyá àgbà gba ọmọ, nítorí pé òun náà ní ohun tí yóò sọ sí i létí: oríkì rẹ̀. Ti Sákíná ni Àṣàkẹ́, ti Súléémánù ni Àlàbí. Ìyá mi kò sì béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí ó tó mọ èyí tí ó jẹ́ ti obìnrin.